Orúkọ Wáìfáì Kan, Agboolé Méjì: Ìdí Tí Fóònù Fi Kọ̀ Tí Kò Rí Tẹlifíṣọ̀n

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni, ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn. Bàbá tó ni ilé jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ kò sì gba nǹkan kéékèèké mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ a máa fi fọ́tò àti fídíò àwọn ọmọ-ọmọ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, ṣùgbọ́n bó bá gbé fóònù náà sún mọ́ ojú títí, òjìji lásán ló ń rí. Ohun tó fẹ́ kò ju kí ohun tó wà lójú fóònù hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà ní pálọ̀. Tẹlifíṣọ̀n náà jẹ́ irú tó ń lo Áńdírọ́ìdì, tó lè gba àwòrán láti orí fóònù láìsí wáyà. Fóònù bàbá náà ní bọ́tìnnì `Cast`. Wáìfáì kan náà ni àwọn méjèèjì wà, orúkọ rẹ̀ hàn gbangba lójú fóònù, ó sì hàn gbangba lójú tẹlifíṣọ̀n. Síbẹ̀, bí bàbá bá ti tẹ `Cast`, fóònù á máa wá, á máa wá, á sì sọ pé òun kò rí ẹ̀rọ kankan.

Kí wọ́n tó pè mí, wọ́n ti náwó sí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ti pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ti tan án, wọ́n ti yọ ráútà kúrò lára iná fún wákàtí kan. Ẹnìkan ti nu gbogbo ohun tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n kúrò kí ó lè dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú páálí. Nígbà tí ìyẹn kò ṣiṣẹ́, ẹlòmíràn sọ fún wọn pé ẹ̀yà tó ń gba àwòrán nínú tẹlifíṣọ̀n náà ló ti bàjẹ́. Wọ́n bá lọ ra ẹ̀rọ kékeré tí a máa ń kì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n láti fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Fóònù kò rí òun náà. Ó yẹ kí ìyẹn ti la ojú gbogbo wa: bí a bá pààrọ̀ ẹni tí à ń wá, tí a kò sì rí ẹni tuntun náà, ojú ọ̀nà ni kí á lọ yẹ̀ wò.

Ohun kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún mí lórí fóònù, tí n kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin bàbá tó ń bá a gbé sọ pé, "Bọ̀dá, kì í ṣe pé kò ṣiṣẹ́ rárá o. Ọjọ́ mìíràn á ṣiṣẹ́." Mo rò pé iná ló ń ṣe ségesège.

Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ bi ara mi nígbà tí mo débẹ̀ ni irú ìfiṣọwọ́ àwòrán wo gan-an ni fóònù yìí ń ṣe. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ tí fóònù fi ń gbé ojú rẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n. Nínú ọ̀kan, fóònù àti tẹlifíṣọ̀n á di ara wọn mú tààrà, wọn kò ní ohun kan í fi ráútà ṣe, kódà bí ráútà bá kú pátápátá. Nínú èkejì, ráútà ni àárín wọn: fóònù á fi Wáìfáì wá tẹlifíṣọ̀n kiri inú ilé, á sì bá a sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Irú kejì yìí ni ti bàbá. Ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ lè fi gbogbo ọjọ́ tún ráútà ṣe fún ẹ̀rọ tí kò lo ráútà rárá.

Lẹ́yìn náà ni mo wo àwọn ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń kú. Fóònù bàbá kò ní `VPN` tó ń ṣiṣẹ́. Fóònù tó bá ní in lè máa gba ọ̀nà ẹ̀yìn jáde kúrò nílé láìwo àwọn ará ilé rẹ̀. Mo ṣí ojúewé ráútà tó wà ní pálọ̀, 192.168.8.1, mo wò bóyá Wáìfáì àlejò ni wọ́n fi tẹlifíṣọ̀n sí, nítorí ráútà kì í sábà jẹ́ kí àlejò rí ẹni tó wà nínú yàrá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wò bóyá wọ́n tan ohun tí ojúewé ráútà sábà máa ń pè ní `AP Isolation`, tó máa ń gbé ògiri dúró láàárín àwọn ẹ̀rọ tó jọ wà lórí Wáìfáì kan. Wọn kò tan án.

Nígbà náà ni mo gbé láptọ́pù mi gòkè lọ sí yàrá tí bàbá máa ń jókòó sí lọ́sàn-án, níbi tí ó ti máa ń tẹ `Cast`. Mo ti ka àdírẹ́sì tẹlifíṣọ̀n náà lójú rẹ̀: 192.168.8.107. Mo ní kí láptọ́pù kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí n gbọ́ bóyá yóò dáhùn:

```
ping 192.168.8.107
Reply from 192.168.8.107: bytes=32 time=6ms TTL=63
```

Ó dáhùn lẹ́ẹ̀mẹrin tí mo kan án. Ibí ni mo ti ṣìnà. Mo sọ fún bàbá pé, "Ẹ ò rí i, sà, wọ́n ń gbọ́ ara wọn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ò ní wàhálà. Tẹlifíṣọ̀n ló kù." Mo sì jókòó ti tẹlifíṣọ̀n náà fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Mo jẹ́ kí ó gba ẹ̀dà tuntun, mo nu ibi tí ó ń kó èérí pamọ́ sí, mo pa á, mo tan án. Bàbá ń wò mí láti orí àga rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Détà bàbá ni mo ń jẹ, àkókò bàbá sì ni, nítorí ìdáhùn kan tí n kò kà dé òpin.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà padà wọlé láti ojúde. Ọmọkùnrin ará àdúgbò kan wá kí bàbá. Ó ti máa ń wá, páásíwọ́ọ̀dù Wáìfáì ilé náà sì ti wà nínú fóònù rẹ̀. Ó rí mi níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó bi mí ohun tí mò ń ṣe, ó sì yọ fóònù tirẹ̀ jáde, ó ní, "Ẹ jẹ́ n wò ó." Ó tẹ `Cast`. Orúkọ tẹlifíṣọ̀n jáde lójú fóònù rẹ̀ kí ó tó mí lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ̀ ẹ́, fọ́tò rẹ̀ sì bo ojú tẹlifíṣọ̀n.

Bàbá dìde lórí àga. Fóònù tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní pálọ̀ yẹn kan náà, lórí orúkọ Wáìfáì yẹn kan náà, kò sì rí nǹkan kan.

Mo wá rántí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin bàbá. Mo pè é, mo ní kí ó ro ọjọ́ tó ń ṣiṣẹ́ àti ọjọ́ tí kì í ṣiṣẹ́ wò dáadáa. Ó dúró díẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo jókòó sí pálọ̀ láìtíì gòkè, á ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí mo bá ti wà lókè tẹ́lẹ̀, tí mo wá sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣiṣẹ́." Mo bi í bóyá ohun mìíràn tún wà. Ó ní bí òun bá ń wo fídíò lórí àtẹ̀gùn, ó máa ń dúró gbọn-in nígbà mìíràn, tí òun á fi pa Wáìfáì kí òun tó tún un tàn.

Ẹni tó bá ti ojúde wọlé, fóònù rẹ̀ ń rí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá ti òkè sọ̀ kalẹ̀, fóònù tirẹ̀ kì í rí i. Ó túmọ̀ sí pé ohun kan wà lókè tó ń di fóònù mú. Mo bi bàbá bóyá ẹ̀rọ Wáìfáì mìíràn wà lókè. "Ó wà mọ̀nà," ni bàbá fèsì. "Wáìfáì kì í dé yàrá mi tẹ́lẹ̀, ni wọ́n bá bá mi gbé ọ̀kan sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní orúkọ kan náà làwọn fún un kí n má baà máa pààrọ̀ kiri."

Mo padà sí ìdáhùn tí láptọ́pù fún mi, mo sì ka òpin ìlà náà. `TTL=63`. Nọ́ńbà yẹn ni mo ti fojú fò dá. Ẹ̀rọ tó ń lo Áńdírọ́ìdì, bíi tẹlifíṣọ̀n yìí, máa ń fi 64 lé ìdáhùn rẹ̀ lórí nígbà tó bá ń rán an jáde. Gbogbo ráútà tí ìdáhùn náà bá gba inú rẹ̀ kọjá á yọ ẹyọ kan kúrò. Bí láptọ́pù mi àti tẹlifíṣọ̀n bá jọ wà nínú agboolé kan, 64 ni ì bá dé ọwọ́ mi láìdín. 63 tó dé fi hàn pé ìdáhùn náà ti gba ẹnu ibodè kan kọjá. Mo wo àdírẹ́sì láptọ́pù tèmi, ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe: 192.168.0.103. Mo wo ti fóònù bàbá: 192.168.0.101. Ti fóònù ọmọkùnrin ará àdúgbò ni 192.168.8.115.

Ibi tí àlàyé wà nìyí. Àdírẹ́sì tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.8, ti fóònù bàbá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.0. Nínú ilé bíi tiwa yìí, nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni orúkọ agboolé, ìkẹrin ni ti yàrá. Orúkọ tí a kọ sí ẹnu ọ̀nà méjèèjì ni Wáìfáì kan náà, ṣùgbọ́n agboolé méjì ni. Ẹni tó gbé ráútà kejì sókè ki wáyà tó ti ìsàlẹ̀ bọ ihò búlúù rẹ̀, ìyẹn ihò tí ráútà fi ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti ìta, ó sì fi í sílẹ̀ kí ó máa ṣe gbogbo iṣẹ́ ráútà. Ráútà òkè wá ka gbogbo ilé ìsàlẹ̀ sí ìta. Ó dá ọgbà tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń pín àdírẹ́sì tirẹ̀ fún àwọn tó wà lókè, ó sì dúró sí ẹnu ibodè. Íńtánẹ́ẹ̀tì ń wọlé dáadáa, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi fura.

Èwo wá ni ti pé láptọ́pù kan tẹlifíṣọ̀n tó sì dáhùn? Nítorí pé mo mọ àdírẹ́sì rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sí i. Ó dà bí lẹ́tà. Lẹ́tà tí a bá kọ àdírẹ́sì sí lára á gba ẹnu ibodè jáde, ìdáhùn á sì tọ ọ̀nà kan náà padà. Ṣùgbọ́n fóònù tó ń tẹ `Cast` kò mọ àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni. Akéde ló ń ṣe. Ó ń kígbe sí àárín agboolé pé, "Ta ni nínú yín tó ń jẹ́ `_googlecast._tcp.local`?" Àdírẹ́sì tí ó ń kígbe sí ni 224.0.0.251, ní `port` 5353, ìyẹn nọ́ńbà ilẹ̀kùn inú ẹ̀rọ, kì í ṣe ihò wáyà. Tẹlifíṣọ̀n tó bá gbọ́ á dáhùn pé èmi rèé, orúkọ mi nìyí, àdírẹ́sì mi nìyí, `port` 8009 ni kí o ti wá bá mi sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin tí àwọn ráútà ń tẹ̀ lé ni pé ohunkóhun tí a bá kígbe rẹ̀ sí àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 224.0.0 kò gbọdọ̀ kọjá ògiri agboolé. Igbe fóònù bàbá ń kọ lu ògiri ráútà òkè, ó sì ń kú síbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n kò gbọ́ igbe náà rí.

Ìdí tí fóònù bàbá fi wà lórí ráútà òkè bó tilẹ̀ jókòó sí ìsàlẹ̀ ni pé orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù kan náà ni, fóònù sì kà á sí Wáìfáì ẹyọ kan. Fóònù ló ń pinnu ìgbà tí yóò fi ráútà kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn, kì í sì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ohùn èyí tó dì mú bá ṣì ń dé etí rẹ̀ díẹ̀. Dẹ́kìn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ló wà láàárín òkè àti pálọ̀, nítorí náà ohùn ráútà òkè ṣì tó fún fóònù. Fídíò tó ń dúró lórí àtẹ̀gùn náà ti ráyè wọ ọ̀rọ̀ yìí: ìgbà tí fóònù bá sì fò láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì, á gbé àdírẹ́sì agboolé àtijọ́ dé agboolé tuntun, nǹkan á sì dúró títí yóò fi gba òmíràn.

Kí ó lè dá mi lójú, mo gbé láptọ́pù sọ̀ kalẹ̀, mo pa Wáìfáì rẹ̀, mo tún un tàn ní ẹ̀gbẹ́ ráútà pálọ̀. Àdírẹ́sì rẹ̀ di 192.168.8.118. Mo kan tẹlifíṣọ̀n, `TTL=64` ló padà. Mo wá kan fóònù bàbá, 192.168.0.101, kò dáhùn. Àwọn tó wà lókè lè kọ lẹ́tà sí ìsàlẹ̀, àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà lókè.

Bí a ó ṣe tún un ṣe kò le, ṣùgbọ́n ó ní ìtẹ̀léra tó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún. Ohun tí a fẹ́ ni kí ráútà òkè má ṣe ráútà mọ́, kí ó kàn jẹ́ ẹnu tí ráútà ìsàlẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀ lókè. Ráútà mìíràn ní ibi tí a ti lè tẹ `Access Point`, tí yóò sì ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ti bàbá kò ní in, ọwọ́ ni mo fi ṣe é.

Mo fi wáyà so láptọ́pù mọ́ ráútà òkè tààrà, mo sì wọ ojúewé rẹ̀ ní 192.168.0.1. Mo fẹ́ yí àdírẹ́sì rẹ̀ sí 192.168.8.2, kí ó lè jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ará agboolé ìsàlẹ̀, kí n sì lè rí i bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Mo yan 2 nítorí pé ráútà ìsàlẹ̀ ń pín láti 100 dé 200 fún àwọn fóònù, kò sì ní fún ẹnikẹ́ni ní 2. Ráútà òkè kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àdírẹ́sì náà kò ṣeé lò. Òótọ́ ló sọ: wáyà ìsàlẹ̀ ṣì wà nínú ihò búlúù rẹ̀, ó ti gba àdírẹ́sì 192.168.8 kan láti ìta, kò sì lè jẹ́ pé agboolé kan náà wà níta, kí ó tún wà nínú ilé. Mo fa wáyà yẹn yọ kúrò nínú ihò búlúù, mo tún un ṣe, ó gbà. Ó pa ara rẹ̀, ó sì tan padà.

Ìgbà yìí ni mo wọlé ní 192.168.8.2, tí mo sì lọ sí `DHCP Server`, mo sọ ọ́ di `Disable`, kí ó má pín àdírẹ́sì mọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pa `DHCP` kí ó tó yí àdírẹ́sì ráútà padà yóò ti ara rẹ̀ mọ́ta, nítorí láptọ́pù rẹ̀ kò ní rí àdírẹ́sì gbà mọ́, yóò sì di dandan kí ó fi ọwọ́ kọ ọ̀kan sí i. Níkẹyìn, mo mú wáyà tó ti ìsàlẹ̀ wá, mo kì í bọ ọ̀kan lára àwọn ihò yẹ́lò, ìyẹn àwọn ihò tí ráútà fi ń so àwọn ẹ̀rọ inú ilé pọ̀. Ihò búlúù ṣófo. Kò sí ibodè mọ́.

Mo ní kí gbogbo ará ilé pa Wáìfáì fóònù wọn kí wọ́n tún un tàn. Fóònù bàbá di 192.168.8.112. A gòkè lọ sí yàrá rẹ̀, níbi tí kò ti ṣiṣẹ́ rí, bàbá fúnra rẹ̀ tẹ `Cast`, orúkọ tẹlifíṣọ̀n sì yọ. Ó tẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ kígbe láti ìsàlẹ̀ pé ojú ọmọ ti hàn. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó sì fi ìka kan eyín ìsàlẹ̀ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù lẹ́nu ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ti hu eyín.

Aifóònù ọmọbìnrin bàbá nìkan ló ṣẹ́kù. Àdírẹ́sì rẹ̀ ti di 192.168.8 bíi ti àwọn yòókù, síbẹ̀ YouTube orí rẹ̀ kò rí tẹlifíṣọ̀n. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ráútà. Láti iOS 14, tó jáde ní 2020, fóònù náà máa ń béèrè kí ó tó jẹ́ kí áàpù kan wo àwọn ẹ̀rọ inú ilé, ọmọbìnrin náà sì ti dáhùn pé rárá nígbà kan láìmọ ohun tó jẹ́. A wọ `Settings`, a lọ sí `Privacy & Security`, a ṣí `Local Network`, a tan ti YouTube, ó sì parí. Mo sọ èyí nítorí pé ìdí méjì lè wà nínú ilé kan lẹ́ẹ̀kan náà, ìkejì sì lè mú kí a rò pé a kò yanjú èkíní.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, àdírẹ́sì fóònù àti ti tẹlifíṣọ̀n ni mo máa ń kọ sílẹ̀ báyìí kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, n kò sì ń wo orúkọ Wáìfáì mọ́. Bí nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ bá yàtọ̀ nínú ilé lásán, ráútà kejì sábà máa ń wà níbì kan, kódà bí onílé bá ti gbàgbé rẹ̀. Bí wọ́n bá bára mu, tí tẹlifíṣọ̀n kò sì dáhùn rárá, mo máa ń fura sí `AP Isolation` tàbí Wáìfáì àlejò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tẹlifíṣọ̀n kan wà tí kì í dáhùn irú ìkànkùn yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá bára mu, tó dáhùn, tí `TTL` sì jẹ́ 64, tí fóònù kò tún rí i, nígbà náà ni mo tó máa ń wo ààyè tí a fún áàpù lórí fóònù, tàbí bóyá ráútà ń sẹ́ igbe akéde náà kù. Ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé ògiri yẹn dúró kí àlejò kan má baà máa rí ẹ̀rọ ẹlòmíràn ni, kò sì sí ohun tí a lè ṣe láti orí fóònù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, bàbá tún pè mí. Lọ́tẹ̀ yìí, tẹlifíṣọ̀n kọ́ ni. Gbogbo fóònù tó wà lókè ni Wáìfáì kọ̀ fún, ó ń kọ `Obtaining IP address` títí, kò kọjá ibẹ̀. Mo bi bàbá bóyá ẹnìkan fọwọ́ kan ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní wọ́n gbé e láti gbálẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé, wáyà kan já kúrò, ẹni tó ń gbálẹ̀ sì bá wọn fi í padà síbi tó rò pé ó yẹ. Ihò búlúù ló fi wáyà náà sí, nítorí pé òun ló ṣófo tó sì yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Ráútà òkè kò sì pín àdírẹ́sì mọ́, ti ìsàlẹ̀ kò sì lè ráyè gba ihò yẹn kọjá, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò fún fóònù ní àdírẹ́sì. Mo ní kí ọmọbìnrin rẹ̀ mú un padà sí ihò yẹ́lò èyíkéyìí, íńtánẹ́ẹ̀tì sì dé kí a tó gbé fóònù sílẹ̀.

Mo yà síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú sẹ́lòtéèpù aláwọ̀ funfun. Mo fi bo ihò búlúù náà pa, mo sì fi báírò kọ ọ́ sí i lórí pé: "Ẹ má ki wáyà bọ ibí. 192.168.8.2. DHCP ti kú."